Èépá Orí Ìkókó àti Ìbẹ̀rẹ̀ Ẹ́kísímà: Bí A Ṣe Lè Dá Wọn Mọ̀ Yàtọ̀ Síra

Ìfáàrà

Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí oṣù kẹta tí a bí ọmọ, ọ̀pọ̀ abiyamọ ni ó máa ń ṣàkíyèsí ohun kan tí ó lẹ̀ mọ́ àtàrí ọmọ wọn. Ó nípọn, ó ní ọ̀rá, ó sì tò lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Àwọ̀ rẹ̀ a máa wà láàárín funfun àti pupa rúsúrúsú. Bí a bá fi èékánná kàn án, yóò ṣí díẹ̀, ìdí rẹ̀ yóò sì máa tutù. Ohun yìí ni mo pè ní èépá orí ìkókó nínú iṣẹ́ yìí. Àìsàn awọ mìíràn wà tí òun náà lè farahàn ní orí àti ojú ọmọ nínú ọdún àkọ́kọ́, tí í mú kí awọ gbẹ kí ó sì máa yún ọmọ. Èyí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní ẹ́kísímà.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí abiyamọ, ìyá àgbà tàbí olùtọ́jú ọmọ ṣe lè dá àwọn méjèèjì mọ̀ yàtọ̀ síra. Ìdí tí èyí fi ṣe kókó ni pé ìtọ́jú wọn kò dọ́gba. Èépá orí a máa lọ fúnra rẹ̀, ohun tí ó sì sábà máa ń pa ọmọ lára ni bí a ṣe ń fi ipá yọ ọ́. Ẹ́kísímà kì í ṣe ohun tí a ń wò níran. Bí a bá fi í sílẹ̀ pé èépá lásán ni, oorun ọmọ yóò dàrú, awọ rẹ̀ yóò là, kòkòrò àrùn yóò sì rí ọ̀nà wọlé. Àpẹẹrẹ tí n ó lò wá láti Ìtamága ní Ìkòròdú. Kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó. Mo tò ó jọ láti inú irú ohun tí a máa ń bá pàdé ní agbo ilé tí ọmọ tuntun bá wà, kí òǹkàwé lè rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Orúkọ kan fún ohun púpọ̀

Apá kan nínú ìṣòro yìí jẹ́ ti èdè. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà èélá ni a máa ń fi pe oríṣìíríṣìí ara sísú ọmọdé. Ẹni kan lè pe èépá tí ó wà ní àtàrí ní èélá, kí ẹlòmíràn pe ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó gbẹ tí ó sì ń ṣomi ní èélá bákan náà. Nígbà tí a bá ní orúkọ kan ṣoṣo fún wọn, a ó rò pé àìsàn kan ṣoṣo ni, a ó sì máa wá oògùn kan ṣoṣo fún un. Láti inú èrò yìí ni a ti ń gbọ́ pé èélá ti sọ̀kalẹ̀ láti orí wá sí ojú. Gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i, ohun tí ó wà ní orí kì í sábà sọ̀kalẹ̀. Ohun mìíràn ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ojú.

Àwọn orúkọ yòókù náà lè ṣì wá lọ́nà. Làpálàpá ni ti ẹ̀bu tí ń jẹ irun, tí í mú kí irun já kí ojú ibẹ̀ sì pá. Kò wọ́pọ̀ rárá lára ọmọ tí kò tíì pé oṣù díẹ̀. Kúrúnà ni ti kòkòrò wínníwínní tí ń gbẹ́ ihò sínú awọ. Bí ó bá jẹ́ òun ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ara ẹlòmíràn nínú ilé yóò máa yún un ní òru. Nítorí náà, kí a tó fún ohun tí a rí ní orúkọ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò ó dáadáa.

Ohun tí èépá orí jẹ́

Awọ orí ènìyàn kún fún àwọn àpò kéékèèké tí ń mú ọ̀rá jáde sí ìdí irun. Nígbà tí ọmọ wà nínú ìyá rẹ̀, díẹ̀ nínú àwọn họ́mónù ìyá a máa kọjá sí i lára. Àwọn họ́mónù wọ̀nyí ni a gbà pé wọ́n ń ta àwọn àpò náà jí, tí ọ̀rá fi ń jáde púpọ̀ lẹ́yìn ìbí. Ọ̀rá yìí a máa mú awọ tí ó ti kú, tí ó yẹ kí ó bọ́ dànù, lẹ̀ mọ́ orí. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ó ń nípọn sí i.

Ẹ̀bu kan tí ojú lásán kò lè rí wà nínú ọ̀ràn náà pẹ̀lú. Orúkọ rẹ̀ ni Malasésíà, láti ara orúkọ onímọ̀ ará Faransé kan, Malasé, tí ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1874. Ó wà lára gbogbo wa, tọmọdé tàgbà, kì í sì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Ọ̀rá awọ ni oúnjẹ rẹ̀, nítorí náà ibi tí ọ̀rá bá pọ̀ sí ni ó máa ń pọ̀ sí. Bí ó ti ń tú ọ̀rá náà ká, awọ lè ṣe bí ẹni pé ó bínú díẹ̀, èépá yóò sì pọ̀ sí i.

Ohun mẹ́ta ni ó jáde láti inú àlàyé yìí. Èkíní ni pé èépá orí kì í ṣe ìdọ̀tí. Ọmọ tí a ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lè ní i, kò sì yẹ kí a tìtorí rẹ̀ pe ìyá rẹ̀ ní ọ̀bùn. Èkejì ni pé kì í ràn. Ẹ̀kẹta ni pé, nígbà tí agbára họ́mónù ìyá bá ti ń tán lára ọmọ, ọ̀rá yóò dínkù, èépá náà yóò sì lọ. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, ó ti ń lọ láàárín oṣù díẹ̀, kì í sì í sábà kọjá ọdún kan.

Ohun tí ẹ́kísímà jẹ́

Ọ̀rá tí ó pọ̀ jù ni ìpìlẹ̀ èépá orí. Ìpìlẹ̀ ti ẹ́kísímà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdì kejì rẹ̀. A lè fi awọ wé ògiri tí a fi bíríkì mọ: àwọn ẹ̀yà awọ ni bíríkì, ọ̀rá àárín wọn ni símẹ́ńtì. Lára ọmọ tí ó ní ẹ́kísímà, símẹ́ńtì yìí kò pé. Omi ara ń gba ibẹ̀ jáde, awọ sì ń gbẹ. Ohun tí ó wà níta, bí ọṣẹ líle, òórùn tí wọ́n fi sínú ìpara, òógùn àti itọ́, ń gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara yóò dìde sí wọn ju bí ó ti yẹ lọ, awọ yóò wú díẹ̀, yóò sì máa yún.

Ipa ìdílé wà nínú rẹ̀. Bí bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ọmọ bá ní ikọ́ fée, tàbí ẹ́kísímà, tàbí sísín àti imú yíyún tí kì í tán, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà ní ẹ́kísímà ju ọmọ tí ìdílé rẹ̀ kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ràn bákan náà, ṣùgbọ́n kì í lọ wéré bí èépá orí. A máa rọlẹ̀, a tún máa padà, ó sì lè bá ọmọ lọ fún ọdún púpọ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta tí ó ń ya wọ́n sọ́tọ̀

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ǹjẹ́ ó ń yún ọmọ? Èyí ni ó wúwo jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èépá orí kì í sábà yún ọmọ. Ọmọ yóò mu ọyàn, yóò sùn, yóò sì rẹ́rìn-ín bí ẹni pé kò sí nǹkan kan ní orí rẹ̀. Àwa àgbà ni ó ń dà láàmú. Yíyún ni gbòǹgbò ẹ́kísímà ní tirẹ̀. Ọ̀ràn tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta kò mọ bí a ti ń họ ara. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbọ́ tirẹ̀. Nítorí náà, àmì mìíràn ni a ó máa wò. Bí a bá pọ̀n ọ́n, yóò máa fi ojú gbo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Bí a bá gbé e sí àyà, yóò máa yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn lára aṣọ. Bí a bá tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, yóò máa yí orí títí irun ìpàkọ́ rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Yóò máa jí lóru láìjẹ́ pé ebi ń pa á. Irun ìpàkọ́ tí ó jẹ nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn le ni irun ìpàkọ́ wọn máa ń jẹ láti ara ìdùbúlẹ̀. Àpapọ̀ àwọn àmì wọ̀nyí ni kí a wò.

Ìbéèrè kejì ni: níbo ló wà lára? Èépá orí àti àwọn tí ó bá a tan fẹ́ràn ibi tí ọ̀rá bá pọ̀ sí àti ibi tí awọ bá ká pọ̀. Yàtọ̀ sí àtàrí, a lè bá a ní irun òkè ojú, ẹ̀yìn etí, ìṣẹ́po ọrùn, abíyá, àti abẹ́ ìlédìí. Ẹ́kísímà ọmọ ọwọ́ fẹ́ràn gbangba: ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí, ìta apá àti ìta ẹsẹ̀. Ó lè wà ní awọ orí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èépá rẹ̀ níbẹ̀ gbẹ, kò ní ọ̀rá. Ibi kan tí ẹ́kísímà sábà máa ń fò ni abẹ́ ìlédìí, nítorí ibẹ̀ kì í gbẹ, ọmọ kò sì lè gbo ó mọ́ nǹkan. Bí ìyá bá tú ìlédìí tí ó rí i pé ibẹ̀ ń dán mọ́rán nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti apá ti gbẹ hàn-ún-hàn-ún, ó ti rí ohun tí ó ṣe pàtàkì.

Ìbéèrè kẹta ni: nígbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Níbí ni káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wúlò fún wa bí kàlẹ́ńdà. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, lẹ́yìn ti ọjọ́ ìbí, abẹ́rẹ́ tí ó tẹ̀ lé e ni ti ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá, àti ìkẹrìnlá. Èépá orí ti sábà máa ń hàn kí a tó dé ti ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ́kísímà a máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹta lára púpọ̀ nínú àwọn ọmọ, ìyẹn ni nǹkan bí ìgbà abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí tiwọn ń yá. Ìdí nìyí tí ọjọ́ orí nìkan kò fi tó, tí a sì fi gbọ́dọ̀ pa á pọ̀ mọ́ ìbéèrè méjì àkọ́kọ́.

Ó kù ohun kan nípa àwọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn tí a kọ fún àwọn aláwọ̀ funfun ni ó sọ pé ẹ́kísímà a máa pọ́n. Lára ọmọ dúdú, pípọ́n yìí lè má hàn. Ohun tí a ó rí ni awọ tí ó ṣú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí tí ó rí bí eérú, tàbí tí ó yọ kókó wínníwínní ní ìdí irun bí awọ adìyẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀. Ìka ló máa ń mọ̀ ọ́n ju ojú lọ, nítorí bí a bá fi ọwọ́ rá a, yóò há bí yanrìn. Èépá orí ní tirẹ̀ lè fi ibi tí ó fúyẹ́ ní àwọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá lọ, pàápàá ní iwájú orí àti ìṣẹ́po ọrùn. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kì í sì í ṣe àmì pé oògùn bó ọmọ. Àwọ̀ náà yóò padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan láti Ìtamága

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí àwọn ìbéèrè yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Abiyamọ kan ń gbé ní Ìtamága, kò jìnnà sí títì tí ó lọ sí Ìtóìkín àti Ẹ̀pẹ́. Ọkùnrin ni ọmọ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, èépá bo àtàrí ọmọ náà láti iwájú orí dé àárín. Ó nípọn jù lọ ní ojú àwùjẹ̀. Èyí kò ṣàjèjì, nítorí ẹ̀rù a máa ba àwọn ìyá láti fọwọ́ kan ibi tí ó ń lù kìkì yẹn, wọn a sì kàn bu omi sí i kọjá.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ti wá láti bá wọn wẹ ọmọ. Nígbà tí ó rí orí ọmọ, ó ní, “Ìyàwó, ẹ̀ ń fi omi tan orí ọmọ yìí jẹ. Ẹ gbé kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú wá.” Ìyàwó kò lè jiyàn. Fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n fi kàn-ìn-kàn-ìn gbo orí náà, wọ́n fi èékánná ṣí èyí tí kò lọ, wọ́n sì fi àdí pa á títí di ọjọ́ kejì. Èépá kúrò lóòótọ́ ní ọjọ́ kìíní. Ní ọjọ́ kẹrin ó ti padà, ojú ibi méjì sì ti bó, wọ́n ń ṣomi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Nọ́ọ̀sì wo orí rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn etí, ó tú ìlédìí, ó sì béèrè bí ọmọ ṣe ń sùn. Ìyá ní ó ń sùn dáadáa. Nọ́ọ̀sì kọjú sí ìyá àgbà, ó ní, “Màmá, ẹ ṣé tí ẹ dúró tì wọ́n. Ọmọ yín mọ́ tónítóní. Ọ̀rá ni èyí, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ má ṣí i mọ́, ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ kí ó tó kúrò.” Ọ̀rọ̀ yìí mú ìtìjú kúrò lára ìyàwó, kò sì tàbùkù ìyá àgbà. Nígbà tí wọ́n ṣe bí nọ́ọ̀sì ṣe wí, orí ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tán ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, nǹkan yí padà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ méjèèjì ti há, wọ́n sì ṣú. Ìta apá rẹ̀ yọ kókó wínníwínní. Ó ń fi ojú gbo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ tí wọ́n bá pọ̀n ọ́n, ó sì ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru. Ìyá àgbà ní, “Èélá yẹn ti sọ̀kalẹ̀ nìyẹn.” Ẹ jẹ́ kí a bi ìbéèrè mẹ́ta wa. Ǹjẹ́ ó ń yún un? Bẹ́ẹ̀ ni. Níbo ló wà? Gbangba ni, abẹ́ ìlédìí sì mọ́. Nígbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Lẹ́yìn oṣù kẹta ni. A tún béèrè nípa ìdílé, bàbá ọmọ sì ní ikọ́ fée láti kékeré. Ohun tí ó wà ní orí ti lọ. Èyí jẹ́ ohun tuntun, ẹ́kísímà ni. Èépá orí kò di ẹ́kísímà. Ọmọ kan náà ni ó ní méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí kò sì ṣọ̀wọ́n.

Ìtọ́jú èépá orí, àti ọ̀rọ̀ nípa òróró

Bí èépá orí kò bá pọ̀, a lè fi í sílẹ̀ kí ó lọ fúnra rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ó tètè kúrò, a ó fi fasilíìnì tàbí òróró ọmọ tí a fi epo inú ilẹ̀ ṣe pa á ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì ọmọ tí ó rọ̀, tàbí aṣọ ìnura tí ó rọ̀, rá a yípo láìtẹ̀ ẹ́. Èyí tí ó bá ti ṣí ni yóò kúrò, èyí tí kò bá ṣí, kí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Lẹ́yìn èyí, a ó fi ṣampú ọmọ fọ gbogbo òróró náà kúrò. Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí ni a sábà máa ń gbàgbé. Òróró tí ó bá kù sí orí yóò tún lẹ èépá mọ́ra.

A lè fọ ojú àwùjẹ̀ bí a ṣe ń fọ ibi yòókù. Awọ tí ó yi ni ó bo ọpọlọ ní ibẹ̀, kò sì sí ewu nínú kí a fi ìka rá a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Fífá irun kò wo èépá náà, nítorí inú awọ ni ọ̀rá ti ń wá. Abẹ lórí èépá tí ó nípọn sì lè gé ọmọ.

Mo mẹ́nu kan irú òróró tí a ó lò nítorí pé ó níṣe pẹ̀lú àṣà wa. Àdí, òróró àgbọn, òrí àti òróró ólífì ni a fi ń tọ́jú ara ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́. Gbogbo wọn ní irú ọ̀rá tí Malasésíà lè jẹ. Fasilíìnì àti òróró tí a fi epo inú ilẹ̀ ṣe kò ní i. Bí a bá fi àdí pa èépá fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a sì fọ̀ ọ́ kúrò, iṣẹ́ rírọ̀ nìkan ni yóò ṣe, kò sì sí ìjà nínú rẹ̀. Kí a fi í sílẹ̀ láti àárọ̀ di àárọ̀ ni ó yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀. Ní ti òróró ólífì, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ṣẹ́fíìdì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde ní 2013, nínú èyí tí wọ́n fi òróró náà pa apá àwọn àgbàlagbà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Wọ́n rí i pé ó ń ba ògiri awọ jẹ́. Àgbàlagbà ni wọ́n dán an wò lára, ṣùgbọ́n awọ ọmọ ọwọ́ kò le ju tiwọn lọ.

Ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn náà ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbí. Eérú tí a fi se ọṣẹ dúdú mú kí ó le fún awọ tí ògiri rẹ̀ kò tíì gbó. Bí kàn-ìn-kàn-ìn bá sì bó awọ, ó ti ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò àrùn nìyẹn.

Ìtọ́jú ẹ́kísímà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Ti ẹ́kísímà yàtọ̀: ohun tí a ń wá ni láti tún ògiri awọ mọ. A ó wẹ ọmọ ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, pẹ̀lú ọṣẹ tí kò ní òórùn, tí kò sì le. A ó fi aṣọ tẹ omi gbẹ láìnù ún. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tí ara ṣì tutù, a ó fi fasilíìnì tàbí ìpara tí kò lóòórùn bo gbogbo ara, kì í ṣe ojú ibi tí ó yún nìkan. A ó tún un ṣe lálẹ́. Kí a gé èékánná ọmọ, kí a sì máa wọ aṣọ òwú fún un. Oúnjẹ ìyá kò ní láti yí padà, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a já ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí èyí.

Bí yíyún náà bá ń jí ọmọ lóru, ìpara lásán lè má tó. Ìgbà yìí ni ó yẹ kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì wò ó. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ ìpara họ́mónù tí agbára rẹ̀ kéré, irú bíi haidirokọ́tísóònù ìdá 1 nínú 100, fún ọjọ́ díẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a sá fún ni ìpara alápòpọ̀ tí a máa ń rà ní kẹ́míìsì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wo ọmọ. Inú ọ̀pọ̀ nínú wọn ni bẹtamẹ́tásóònù wà, họ́mónù tí ó lágbára, pẹ̀lú oògùn ẹ̀bu àti oògùn kòkòrò àrùn. Ó máa ń ṣiṣẹ́ kíákíá lójú, èyí ni ó sì ń tan ènìyàn jẹ. Bí a bá ń lò ó lọ lójú ọmọ, awọ yóò di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ yóò fúyẹ́, ohun tí ó ń yún yóò sì padà pẹ̀lú agbára nígbà tí a bá dá a dúró.

Ibi tí ìbéèrè mẹ́ta kò tó

Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, àwọn ọmọ kan wà tí dókítà pàápàá kò lè fi gbogbo ẹnu sọ èyí tí ó jẹ́. Àmì méjèèjì lè dà pọ̀. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, a ó máa fi ọwọ́ tútù tọ́jú awọ náà, a ó sì dúró wo bí yóò ṣe rí. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń kọjá, èyí tí ó jẹ́ èépá orí yóò máa rọlẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ẹ́kísímà yóò máa yún.

Àwọn ohun kan wà tí a kì í dúró wò. Bí ojú ibẹ̀ bá ń ṣọyún, tí ó wú, tàbí tí èépá rẹ̀ rí bí oyin tí ó dì, tí ara ọmọ sì gbóná tàbí tí kò mu ọyàn dáadáa mọ́, kòkòrò àrùn ti wọ̀ ọ́. Bí ìléròrò kéékèèké bá dédé tú jáde pọ̀ lójú ẹ́kísímà, tí wọ́n ń bẹ́ tí wọ́n sì ń dá ihò, ọjọ́ náà gan-an ni kí a gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn. Bí a bá sì rí ẹ̀jẹ̀ tóótòòtó lábẹ́ èépá tí kì í parẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́, tàbí tí èépá bo gbogbo ara tí ọmọ kò sì sanra, kí dókítà àwọn ọmọdé yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ó lè jẹ́ àmì àìsàn inú tí kò wọ́pọ̀ ṣùgbọ́n tí ó le.

Àsọkágbá

Àlàyé yìí fi hàn pé ohun méjì ni a ti ń fi orúkọ kan pè. Èépá orí ọlọ́ràá ni, orí àti kọ̀rọ̀ awọ ni ibùgbé rẹ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀ ṣáájú tàbí ní nǹkan bí ìgbà abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà, kì í sì í sábà yún ọmọ. Ẹ́kísímà gbẹ, gbangba ojú àti apá ni ibùgbé rẹ̀, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹta, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ sùn. Mo dá a lábàá pé, nínú àwọn ìwé ìlanilọ́yẹ̀ tí a bá ń kọ ní Yorùbá fún abiyamọ, kí a máa lo “èépá orí ìkókó” fún ti àkọ́kọ́, kí a sì fi èélá sílẹ̀ fún èyí tí ń yún. Nígbà náà, bí ìyá àgbà ní Ìtamága bá béèrè pé èwo ni ó wà lára ọmọ yìí, èdè wa yóò ti ní ìdáhùn méjì fún un, kò sì ní sí ìdí láti na ọwọ́ sí kàn-ìn-kàn-ìn.